Gbèsè Tó Fara Pamọ́ Sínú Píánò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí àwàdà létí yín: kò sí píánò kankan tí gbogbo ohùn inú rẹ̀ bára mu pátápátá. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ohùn rẹ̀ ṣe láàárọ̀ yìí náà wà lára wọn. Kì í ṣe pé oníṣẹ́ ò mọ iṣẹ́ o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn. Okùn A kan wà nínú píánò tó máa ń gbọ̀n nígbà 220 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká pe ohùn yẹn ní "dò". "Mí" tó máa bá a mu rẹ́gí gbọ́dọ̀ gbọ̀n nígbà 275, torí pé bí "dò" bá ti gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin, "mí" gbọ́dọ̀ ti gbọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún géérégé. Bí akọrin méjì tó gbọ́ ara wọn dáadáa bá ń kọrin láìsí ohun èlò, ibẹ̀ ni ohùn wọn máa ń fà sí.

Lórí píánò, kíì mẹ́rin ló wà láti "dò" dé "mí", ẹ ka funfun, ẹ ka dúdú. Láti "dò" dé "dò" tó wà lókè, kíì méjìlá ni. Èyí já sí pé tí a bá fo ìfò "dò sí mí" lẹ́ẹ̀mẹta, orí "dò" òkè ló yẹ ká balẹ̀ sí, ìyẹn 440. Ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà. 220 di 275. 275 di 343.75. 343.75 di 429.69. 440 la ń wá o! Ó fi díẹ̀ lé ní mẹ́wàá dín.

Akọrin lè sún ohùn rẹ̀ díẹ̀ láti bo àlàfo yẹn. Onígángan náà á kàn fún ọṣán ìlù rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ píánò ò lè fa okùn lójú agbo, nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru gbèsè yẹn.

Ta ló máa rù ú? Ní 1523, Pietro Aaron, ará Ítálì, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tún ohun èlò oníkíì ṣe kí "dò sí mí" lè mọ́ gaara. Nínú ọgbọ́n yìí, mẹ́jọ nínú ìfò méjìlá "dò sí mí" lè mọ́, wọ́n á wá kó gbogbo gbèsè náà lé mẹ́rin yòókù lórí. Orin tó bá dúró sọ́dọ̀ àwọn mẹ́jọ yẹn máa ń dùn gan-an. Ṣùgbọ́n bí orin bá ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù, ariwo ni. Ìfò "dò sí sò" kan wà níbẹ̀ tó burú débi pé ìkookò ni wọ́n sọ ọ́, torí bó ṣe ń hu. Àwọn kan tilẹ̀ gé kíì dúdú sí méjì lórí ọ́gàànù wọn, kí wọ́n lè ní ohùn méjì níbi tí ẹyọ kan wà.

Ní Ṣáínà, ọmọọba Zhu Zaiyu gbé ìṣirò míì jáde ní 1584: kí gbogbo kíì pín gbèsè náà dọ́gba. Láti kíì kan dé èkejì, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.059463. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀méjìlá, 220 á di 440.

Ohun tó ná wa rèé. "Mí" wa kúrò ní 275, ó di 277.18. Ẹ tẹ òun àti "dò" pọ̀ lórí píánò gidi, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa: wọ́ọ̀-wọ́ọ̀-wọ́ọ̀, ohùn náà á máa gbọ̀n nígbà tó tó mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbèsè náà nìyẹn. "Sò" ò fi bẹ́ẹ̀ jìyà ní tirẹ̀: 330 ló yẹ kó jẹ́, ó di 329.63. Ẹni tó ń fi etí tún píánò ṣe máa ń ka ìgbọ̀nrìrì yẹn ni, kó lè mọ̀ pé òun ti ba okùn jẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé Bach ló fìdí ìpín-dọ́gba yìí múlẹ̀, torí ìwé tó kọ ní 1722, níbi tó ti lo gbogbo kíì méjìlá. Èmi ò gbà. Àkọlé ìwé náà sọ pé kí wọ́n tún ohun èlò ṣe dáadáa; kò sọ pé kí wọ́n pín in dọ́gba. Láyé rẹ̀, àwọn kan máa ń fi gbèsè díẹ̀ síbí, púpọ̀ sọ́hùn-ún, tí gbogbo kíì á ṣeé lò, síbẹ̀ tí kálukú á ní adùn tirẹ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìpín-dọ́gba tó wá gba ọwọ́ píánò pátápátá.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ akọrin yín bá ń kọrin lẹ́nu lásán, tó ń dùn yùngbà, tí píánò wá wọlé tí "mí" yín ò bá tirẹ̀ mu mọ́, ẹ má tètè bá alto jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé 275 ló ń kọ.