Ìwé Ìgbéyàwó Ló Ń Yan Kọ́ọ̀tù: Ọ̀nà Ìkọ̀sílẹ̀ láti Ìgàndò dé Ìkẹjà

Ẹni tó ń gbé Ìpájà tó sì fẹ́ kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà kọ́ọ̀tù méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan lọ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ní Ìgàndò, nínú Alímọ̀ṣọ́ níbí, tí àwọn oníwèé ìròyìn máa ń gbé ẹjọ́ tọkọtaya ibẹ̀ jáde. Èkejì gba Ìyànà Ìpájà kọjá lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà. Ti Ìgàndò yá, owó rẹ̀ kò sì tó ti Ìkẹjà, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá lọ síbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe owó ló yẹ kó yan kọ́ọ̀tù fúnni. Bí a ṣe gbéyàwó ni.

Láyé àtijọ́, ẹbí ló ń so ìgbéyàwó, ẹbí náà ló sì ń tú u. Bí àgbà bá ti parí ìjà títí tí kò parí, a ó dá owó orí padà fún ọkọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní 1884 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìgbéyàwó fún Èkó, èyí tó bí ohun tí a ń pè ní alárédè: ọkọ kan, aya kan, orúkọ nínú ìwé ìjọba. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti ní oríṣi ìgbéyàwó méjì tí òfin ìtúká wọn kò jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọkọtaya kan náà lè ṣe méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí a tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Ìkẹjà wà, Ìpájà sì wà nínú rẹ̀. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ àwọn ìdí ìkọ̀sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sílẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ gbà á lò. Lára wọn ni kí a ti fọmọ fọ́kọ kó tó tó ọkọ í ní, kí ẹnì kan kọ̀ láti bá èkejì sùn, àìsàn tí kò ní lọ, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyà àti àìbìkítà, àti kí ẹnì kan fi èkejì sílẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Títí di òní, ẹ̀sùn tó ń délẹ̀ ní Ìgàndò kò jìnnà sí èyí: ó ń nà mí, kì í fún wa lówó oúnjẹ, kò sùn sílé mọ́. Bí adájọ́ bá tú ìgbéyàwó náà ká, ó tú ká lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ti alárédè yàtọ̀ pátápátá. Òfin tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni kọ́ọ̀tù wa ń lò nígbà kan, bí wọ́n bá sì ṣe yí i níbẹ̀ ló ń yí níbí. Títí di 1937, àgbèrè nìkan ló ń túni ká níbẹ̀; ọdún yẹn ni wọ́n fi ìwà ìkà, ìfinisílẹ̀ ọdún mẹ́ta àti wèrè tí kò gbóògùn kún un. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1970, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ìjọba Gowon gbé òfin tiwa jáde. Òun náà la ṣì ń lò.

Òfin 1970 sọ pé ìdí kan ṣoṣo ló wà: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ̀rí mẹ́jọ ló là sílẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan ó kéré tán hàn. Àgbèrè tí ara ẹni kò lè gbà mọ́ wà níbẹ̀, àti kíkọ̀ láti bá ara ẹni sùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwà tí a kò lè retí pé kí ẹlòmíràn fara dà wà níbẹ̀ (nínà kò ní ẹ̀ka tirẹ̀ láàárín mẹ́jọ yìí, abẹ́ ìwà ló ń bọ́ sí, èyí tí mi ò rò pé ó dára tó). Ìfinisílẹ̀ fún ọdún kan gbáko wà níbẹ̀, àti àìrí ẹni fún ìgbà pípẹ́ débi tí a fi lè gbà pé ó ti kú. Àwọn ẹ̀rí tó dá lórí gbígbé lọ́tọ̀ ló wúlò jù lójú tèmi, nítorí wọn kò béèrè pé ká tú àṣírí ẹnikẹ́ni: ọdún méjì bí ẹnì kejì kò bá takò ó, ọdún mẹ́ta yálà ó takò ó tàbí kò takò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ní Ìpájà ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣe alárédè ní 2013, ó bí ọmọ méjì, ọkọ kó ẹrù lọ ní oṣù kẹta 2020. Ó tọ lọ́yà lọ ní oṣù karùn-ún 2022. Ọdún méjì ti pé, ṣùgbọ́n ọkọ fárí gá pé òun kò ní gbà. Ó lè pe ti ìfinisílẹ̀, àmọ́ ọkọ lè ní òun náà ló lé òun jáde, ẹjọ́ yóò sì di ìjà ẹ̀rí. Ó dúró. Ní oṣù kẹrin 2023, ọdún mẹ́ta ti kọjá, àtakò ọkọ kò lè dá ẹ̀rí yìí dúró mọ́. Ká ní ìgbéyàwó náà kò tíì pé ọdún méjì ni, àfi kó kọ́kọ́ gbàṣẹ adájọ́ kó tó lè pẹjọ́, àyàfi lórí ẹ̀rí díẹ̀ bí àgbèrè.

Lọ́yà kọ ìwé ìpẹ̀jọ́: ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gbéyàwó, orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe pínyà, àti ohun tó ń béèrè lórí àwọn ọmọ àti owó ìtọ́jú. Ìwé ìgbéyàwó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbúra pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àti ìwé tí lọ́yà fọwọ́ sí pé òun ti bá a sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè parí ìjà. Àìsí ìwé kẹta yìí ti dá ẹjọ́ púpọ̀ dúró.

Òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ fi ìwé náà lé ọkọ lọ́wọ́. Ọkọ ti kó kúrò ní Ayọ̀bọ́, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà. Lọ́yà padà sọ́dọ̀ adájọ́, ó gbàṣẹ pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tó gbé kẹ́yìn. Olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 28 láti fèsì. Kò fèsì. Síbẹ̀, adájọ́ kò ní torí ìyẹn tú wọn ká: obìnrin náà ṣì gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, kó búra, kó sọ ọjọ́ tí ọkọ lọ, kó sì sọ ètò tó wà fún ilé àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.

Ká sọ pé adájọ́ dájọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2024. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ àwọn ènìyàn. Àṣẹ ọjọ́ náà, tí àwọn lọ́yà ń pè ní náísáì, kò tíì tú wọn ká. Oṣù mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè ráyè, tàbí kí ẹlòmíràn lè fi hàn pé wọ́n fi irọ́ gba ìdájọ́. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ gbọ́dọ̀ tún kéde pé ètò ìtọ́jú wọn tẹ́ òun lọ́rùn. Bí kò bá kéde rẹ̀, àṣẹ náà kò ní di àṣekágbá, ìbáà ṣe ọdún mélòó. Bí ìyẹn bá wà nílẹ̀, ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ló di àṣekágbá fúnra rẹ̀. Bí obìnrin náà bá lọ ṣe alárédè mìíràn ní oṣù kẹjọ, òfo ni ìgbéyàwó náà, nítorí ó ṣì jẹ́ aya ọkọ àkọ́kọ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbé alárédè lọ sí Ìgàndò. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ kò ní agbára lórí rẹ̀. Ìwé tó bá gbà níbẹ̀ kò tú nǹkan kan ká, bó bá sì gbéyàwó mìíràn, ó lè dẹni tó ń rojọ́ ẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé alárédè làwọn ṣe, pàápàá àwọn tó gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìjọba bá fún ṣọ́ọ̀ṣì náà láṣẹ, tí wọ́n sì ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ́jísírà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, alárédè ni. Bó bá jẹ́ pé pásítọ̀ kàn súre fún wọn lẹ́yìn ìdáná, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni, Ìgàndò ló kàn.

Lẹ́yìn tí ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án bá ti kọjá, kí obìnrin náà lọ gba ìwé-ẹ̀rí àṣekágbá lọ́wọ́ rẹ́jísírà kọ́ọ̀tù ní Ìkẹjà, kó sì tọ́jú rẹ̀. Òun ló máa fi hàn ní rẹ́jísìrì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbéyàwó mìíràn.