Wàrà agolo ọmọ ọwọ́: nọ́mbà NAFDAC nìkan kò tó

Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ tó lo oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Nàìjíríà. Kíndìnrín wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí kẹ́míkà olóró kan wà nínú oògùn náà. Ọmọ 84 ló bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn náà ní nọ́mbà NAFDAC.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọjà kan lápapọ̀ ni wọ́n ń fún ní nọ́mbà NAFDAC. Ọ̀kan náà ló máa ń wà lára gbogbo agolo rẹ̀, ayédèrú sì lè dà á kọ. Èyí tó ń tọ́ka sí àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni Batch No. Òun ni NAFDAC sábà máa ń kéde bí wọ́n bá fẹ́ kó ọjà tó léwu kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yí agolo wàrà wo kí ẹ tó sanwó. Ẹ wá Batch No, MFD àti EXP. Bí wọ́n bá ti ha á, tàbí tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, ẹ má rà á. Ọjọ́ EXP wà fún agolo tí a kò tíì ṣí. Bí a bá ti ṣí i, iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló kù. Ẹ má sọ agolo nù kí ọmọ tó mu ún tán. Wàrà tí wọ́n bù sínú ọ̀rá lọ́jà kò ní nọ́mbà kankan; kò sí ẹni tó lè tọpa rẹ̀.