Kí ni "ult." àti "do." ń wí nínú ìwé ìrìbọmi àtijọ́?



Ẹ ó ti rí i pé fọ́tò ojú ewé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ pọ̀ lórí Wáásápù lásìkò yìí. Ẹnì kan á ya fọ́tò, ẹlòmíì á tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, àwa yòókù á sì máa fi ránṣẹ́ síra wa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde sábà máa ń tú àwọn ọ̀rọ̀ gígékúrú inú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kíkún láìsọ fún wa pé òun tú u. Fọ́tò náà á sọnù lọ́nà, àtẹ̀jáde nìkan ló máa ṣẹ́kù. Kó tó dé ọwọ́ ẹni kẹta, àbá tí ẹnì kan dá ti di ẹ̀rí. Bó bá di ìpàdé ẹbí, tí wọ́n ń wá ẹni tó jẹ́ àkọ́bí, tàbí tí wọ́n ń bi ara wọn bóyá ọmọ bàbá kan náà ni àwọn méjì, àbá yẹn ni wọ́n á gbé síta.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan ṣoṣo, ká tú u wẹ́wẹ́. Èmi ni mo to ìlà yìí pọ̀ fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti ẹbí kankan, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ẹ ó bá pàdé:

"Novr. 5, 1911. Jas. Ade., b. 29 ult. Bàbá: do. Ibùgbé: do. Iṣẹ́: S.R."

Ìlà tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ mìíràn tí wọ́n rì bọmi lọ́jọ́ kan náà. "Ojo" ni wọ́n kọ sí àyè bàbá níbẹ̀, "Oke" sí àyè ibùgbé, àgbẹ̀ sí àyè iṣẹ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́. Ìdí wà tí wọ́n fi há ọjọ́ ìbí mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ báyìí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìrìbọmi ìjọ Áńgílíkà tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1812. Fọ́ọ̀mù yẹn ní àyè fún ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, ibùgbé, iṣẹ́, àti ẹni tó ṣe ìrìbọmi. Kò ní àyè fún ọjọ́ ìbí rárá. Àlùfáà tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ wá ibi kékeré kan tì í sí, ìyẹn ló ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Nítorí náà, ọjọ́ tó wà níwájú ìlà jẹ́ ọjọ́ ìrìbọmi. Ẹni tó bá mú un ní ọjọ́ ìbí ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"b." níwájú ọjọ́ kejì dúró fún ìbí. "ult." wá láti inú èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni oṣù tó kọjá. Ìkejì rẹ̀ ni "inst.", tó túmọ̀ sí oṣù tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Oṣù tó wà níwájú ìlà la máa fi kà á, kì í ṣe oṣù tí ẹ ń kàwé. Níbi tí ìrìbọmi ti wáyé ní 5 Nọ̀fẹ́ńbà, "29 ult." jẹ́ 29 Ọkitóbà 1911.

Ṣé ọ̀nà wà tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ó wà. Ká ní ẹnì kan tú u sí 29 Nọ̀fẹ́ńbà, ọmọ náà á jẹ́ ẹni tí wọ́n rì bọmi kí ìyá rẹ̀ tó bí i, ìyẹn ò sì lè ṣẹlẹ̀. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà ọdún yẹn: ọjọ́ Àìkú ni 5 Nọ̀fẹ́ńbà 1911, ọjọ́ Àìkú náà ni 29 Ọkitóbà. Bí àwa Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́, tí a máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, ọjọ́ ìrìbọmi yẹn bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ gẹ́lẹ́, ọjọ́ tí a ń sọmọ lórúkọ. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kíkà wa kò ta ko ara rẹ̀.

Ó kan orúkọ. "Jas." kì í ṣe Jásípà, kì í sì í ṣe Jòsáyà. Àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń mú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, wọ́n á fi lẹ́tà ìparí rẹ̀ tì í, nígbà mìíràn wọ́n á gbé lẹ́tà ìparí yẹn sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni "Wm." ṣe jẹ́ Wílíàmù, tí "Saml." jẹ́ Sámúẹ́lì, tí "Danl." jẹ́ Dáníẹ́lì. "Jas." jẹ́ Jémíìsì. "Jno." tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jẹ́ Jòhánù, kì í ṣe Jónátánì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ àwa gan-an rèé. Nínú Bíbélì Yorùbá, Jákọ́bù ni a pe ọmọ Ísáákì. Jákọ́bù náà ni a pe àpọ́sítélì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Jémíìsì, àti ẹni tó kọ Epístélì Jákọ́bù. Orúkọ méjì lédè Gẹ̀ẹ́sì di ẹyọ kan ṣoṣo lédè wa. Bàbá tí gbogbo ilé ń pè ní Jákọ́bù lè wà nínú ìwé bíi "Jas.", ó sì lè wà bíi "Jac.". Ọmọ-ọmọ tó ń wá "Jac." nìkan á kà á títí, á ní orúkọ bàbá òun kò sí nínú ìwé, nígbà tí bàbá náà wà níbẹ̀ tó ń wò ó lójú. Bí ẹ bá ń wá Jákọ́bù, ẹ wá méjèèjì.

"Ade." tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ẹ wo àmì ìdádúró tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sọ pé orúkọ náà kò parí síbẹ̀, akọ̀wé ló gé e. Ó lè jẹ́ Adéyẹmí, ó lè jẹ́ Adébáyọ̀, ó lè jẹ́ Adéwálé. Kò sí ohun kankan nínú ìlà yẹn tó lè sọ èyí tó jẹ́. Gígékúrú Gẹ̀ẹ́sì bíi "Wm." ní ìtumọ̀ kan tí gbogbo akọ̀wé ìgbà náà mọ̀, ṣùgbọ́n "Ade." kò ní. Akọ̀wé nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ bá rí ọmọ yẹn kan náà níbòmíràn tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ tán, bóyá nínú ìwé ìgbọ́wọ́lélórí tàbí ìwé ìgbéyàwó.

A wá dé orí "do." tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Mo ti rí i tí wọ́n kà á sí orúkọ ìdílé. Kì í ṣe orúkọ. Ọ̀rọ̀ Ítálì kan ni wọ́n gé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "bákan náà": ohun tó wà lókè tààrà nínú àyè yìí ni kí ẹ tún kà. Àmì kékeré méjì tó dúró ṣánṣán ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí "do." bá wà lábẹ́ "do." mìíràn, ẹ máa gòkè lọ títí ẹ ó fi bá ọ̀rọ̀ gidi. Ìdí nìyí tí fọ́tò tí wọ́n gé orí rẹ̀ kò fi wúlò, torí pé ọ̀rọ̀ tí "do." ń tọ́ka sí lè wà ní ìlà mẹ́wàá sókè.

Nínú àpẹẹrẹ wa, "do." ti ibùgbé ń tọ́ka sí "Oke", kò sí ìjà níbẹ̀. "do." ti bàbá ń tọ́ka sí "Ojo". Tí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, ọmọ bàbá kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyè iṣẹ́. Àgbẹ̀ ni bàbá ti òkè, "S.R." ni ti ìsàlẹ̀. Nínú ìwé ìjọ C.M.S., "S.R." ni òṣìṣẹ́ ìjọ tí wọ́n yàn láti máa ka Ìwé Mímọ́ fún àwọn èèyàn. Báwo ni bàbá kan náà ṣe ní iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan náà, nínú ìwé kan náà? Ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé ti fi "do." sí àyè tí kò yẹ. Ó sì ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì lóòótọ́. Irú àyè tó ń bá ara rẹ̀ jà yìí ló ń sọ fún wa pé ká má tíì pe àwọn ọmọ méjèèjì ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ká kọ́kọ́ wo orúkọ ìyá, ká tún wo àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n kọ orúkọ bàbá yẹn sí nínú ìwé náà, ká rí iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún un níbẹ̀.

Ohun kan tún kù tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí ìtúmọ̀: àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Láti ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 ni àwọn ìjọ ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, pẹ̀lú àmì lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Síbẹ̀, akọ̀wé tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kún ìwé sábà máa ń fo àwọn àmì náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, "Ojo" lè jẹ́ Òjó, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá. Ó sì lè jẹ́ Ọjọ́, tí wọ́n gé kúrò lára orúkọ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jà sí i. Bí ẹ bá ti fi àmì sí i, ẹ ti yan ọ̀kan nínú wọn nìyẹn.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ tẹ ohun tó wà nínú ìwé bó ṣe rí, kí ẹ fi ohun tí ẹ bá fi kún un sínú àkámọ́ onígun. Bí ìyè méjì bá wà, ẹ fi àmì ìbéèrè tì í. Àpẹẹrẹ wa á wá rí báyìí:

"Novr. [Nọ̀fẹ́ńbà] 5, 1911. Jas. [Jémíìsì, Jákọ́bù nílé?] Ade. [kò parí], b. 29 ult. [a bí i ní 29 Ọkitóbà 1911]. Bàbá: do. [Ojo, bí ti ìlà òkè?]. Ibùgbé: do. [Oke, bí ti ìlà òkè]. Iṣẹ́: S.R. [òṣìṣẹ́ ìjọ tó ń ka Ìwé Mímọ́]."

Ẹni tó bá ka èyí á mọ ohun tí akọ̀wé 1911 kọ, á sì mọ ohun tí àwa fi kún un. Bó bá rí i pé a ṣi nǹkan kà, yóò rí ibi tó máa tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá tún fẹ́ fi ojú ewé ránṣẹ́ sórí ìkànnì wa, kó ya gbogbo ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó fi ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀ kún un, kó sì kọ nọ́ńbà ojú ewé náà sábẹ́ fọ́tò. Bí "do." bá wà ní ìlà àkọ́kọ́, ojú ewé tó ṣáájú ló máa sọ fún wa ẹni tí bàbá náà jẹ́.