Ẹyin Mẹ́jọ Nínú Ilé Tó Ṣófo

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú òjò. Ní 1888, Edward Bellamy, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Looking Backward. Nínú ìwé náà, Julian West sùn ní ìlú Bọ́sítìnì ní 1887, kò sì jí títí di ọdún 2000. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti ìdílé tó gbà á sílé fẹ́ jáde lọ jẹun, ni òjò ńlá bá dé. West rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, pé kò sí bí wọn ò ṣe ní jókòó sílé. Ó yà á lẹ́nu pé àwọn obìnrin ilé múra tán, wọn ò sì mú agbòjò dání. Ìgbà tí wọ́n dé ìta ló tó yé e. Wọ́n ti na ìbòrí gígùn kan bo ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ látòkèdélẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ, iná tàn síbẹ̀, àwọn èrò sì ń rìn lọ nínú aṣọ òde wọn bí ẹni pé òjò ò rọ̀.

Ìwọ̀nba ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ti tó. Ẹni tó bá kà á ti mọ̀ pé ìlú yìí ní ẹ̀rọ, ó ní owó, ohun tó sì jẹ́ wàhálà ẹnì kọ̀ọ̀kan láyé àtijọ́ ti di ti gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n Bellamy ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Dókítà Leete, baálé ilé, bẹ̀rẹ̀ àlàyé lójú ẹsẹ̀: láyé ìjọ́sí, agbòjò 300,000 ni ará Bọ́sítìnì ń ṣí sórí orí 300,000, ṣùgbọ́n ní báyìí agbòjò kan ṣoṣo ló bo gbogbo orí. Báyìí ni ìwé náà ṣe rí láti orí dé ìdí. West á rí nǹkan, á bi dókítà, dókítà á sì là á yé e bí olùkọ́ tó dúró síwájú kíláàsì.

Ká má dá Bellamy lẹ́bi jù. Kì í ṣe ìtàn ló ń tà, ètò ìṣèlú ló ń tà, ẹni tó bá sì ń ta ètò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hugo Gernsback. Ní 1911, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ralph 124C 41+ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Modern Electrics, ìwé ìròyìn tirẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ iná àti wáyálẹ́ẹ̀sì. Niu Yọ́kì ti ọdún 2660 ni ìtàn náà wà. Ralph, ọ̀gá nínú sáyẹ́ǹsì, ń mú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Alice kiri ìlú, ibi tí wọ́n bá sì dé, ẹ̀kọ́ ni. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yẹn fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn fúnra wọn ń to ẹ̀rọ jọ nílé. Wọ́n gba ohun tí wọ́n sanwó fún.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àlejò ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílò. Tí kò bá sí àlejò ńkọ́? Àwọn ọmọ ìlú méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ fún ara wọn. Ẹ fojú inú wò ó kí bàbá kan sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí oúnjẹ àárọ̀ pé, “Ìyá Bọ́lá, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe mọ̀, bátìrì ló ń gbé fóònù wa yìí ṣiṣẹ́, a sì gbọ́dọ̀ máa fi iná sí i.” Ìyá Bọ́lá á fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá ibà ń ṣe é ni. Ẹni tó ń gbé láàárín ẹ̀rọ kì í ṣàlàyé rẹ̀. Ó ń lò ó, ó ń ráhùn sí i, ó ń sanwó rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ lo èyí dáadáa, lójú tiwa, ni E. M. Forster, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìtàn “The Machine Stops” tó jáde ní 1909, ọdún méjì ṣáájú Ralph. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Vashti ń dá gbé nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ ilẹ̀, yàrá onígun mẹ́fà bí ihò afárá oyin. Bọ́tìnnì wà fún oúnjẹ, fún orin, fún omi ìwẹ̀ gbígbóná, fún bíbá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní òdìkejì ayé, inú àwo kan tó ń tàn ló sì ti ń rí ojú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yẹn pè é, inú ń bí i díẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan ló lè yọ̀ǹda fún un. Ó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe fún àwọn tí kò ní rí lójúkorojú láé. Ẹ ò rí nǹkan? Forster ò sọ fún wa bí àwo yẹn ṣe ń gbé àwòrán. Ohun tó fi hàn wá ni ìyá tí kò ráyè fún ọmọ rẹ̀.

Bí Ẹ̀rọ ńlá tó ń bọ́ gbogbo ayé ṣe ń bàjẹ́ lọ, inú ìṣe ojoojúmọ́ náà la ti rí i. Orin tí Vashti ń gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn bí aláìsàn. Ó fi ẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àtúnṣe, wọ́n ní àwọn á mójú tó o. Wọn ò tún un ṣe, nígbà tó sì yá, etí rẹ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà omi ìwẹ̀ ń rùn, ìyẹn náà mọ́ wọn lára. Ìgbà tí ibùsùn kọ̀ tí kò jáde mọ́ ni ọkàn gbogbo ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ẹnì kan láàyè tó mọ Ẹ̀rọ náà tán. Níbí yìí, bí Dókítà Leete bá wà, ìtàn á bàjẹ́: bí ẹnì kan bá lè ṣàlàyé Ẹ̀rọ, ẹnì kan lè tún un ṣe nìyẹn.

Ní 1942, Robert Heinlein mú ọ̀nà yìí wọ inú àwọn ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń kà. Nínú Beyond This Horizon, ẹnì kan fẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn sì ṣí láti àárín bí ẹyinjú tó ń fẹ̀ sí i nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló fi sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọjá lọ. Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu nínú ìtàn. Òǹkàwé ni ẹnu yà, ó sì ti dé ọjọ́ iwájú kó tó mọ̀ pé òun ti gbéra. Àwọn òǹkọ̀wé bíi Harlan Ellison àti Samuel Delany sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan lásán ni. Ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan ṣe gbogbo ìtàn ni Ray Bradbury. “There Will Come Soft Rains” jáde ní 1950, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sí Hiroṣímà. Nínú ìwé The Martian Chronicles, ọjọ́ tó gbé e sí ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, 2026. Aago ilé kọrin pé ó ti di agogo méje, ẹ dìde. Sítóòfù ilé ìdáná fúnra rẹ̀ gbé búrẹ́dì yíyan mẹ́jọ jáde, ẹyin díndín mẹ́jọ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́rìndínlógún, kọfí ife méjì àti wàrà tútù ife méjì. Ẹ dúró ná, ká kà á. Kọfí méjì, wàrà méjì: àgbàlagbà méjì àti ọmọdé méjì. Bradbury ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni, a sì ti mọ iye èèyàn tó ń gbé ilé náà.

Ohùn kan láti òkè àjà kéde ọjọ́, ó ní owó omi, owó gáàsì àti owó iná ti tó san. Ilẹ̀kùn gáráàjì ṣí, ó dúró díẹ̀, ó tún padà tì. Nígbà tó di agogo mẹ́jọ ààbọ̀, ẹyin ti gbẹ, búrẹ́dì ti le bí òkúta. Ẹ̀rọ gbá wọn dànù. Ibẹ̀ ni àyà wa ti kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn èyí la rí i pé ilé yìí nìkan ló kù láàárín àwókù ìlú. Ara ògiri kan jóná dúdú, àfi òjìji márùn-ún tó kù ní àwọ̀ ọ̀dà: ọkùnrin kan tó ń gé koríko, obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ láti já òdòdó, ọmọkùnrin kan tó ju bọ́ọ̀lù sókè, bọ́ọ̀lù náà lókè, àti ọmọbìnrin kan tó na ọwọ́ láti hán an. Kọfí méjì, wàrà méjì.

Bí Bradbury bá ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé bọ́ǹbù ti bọ́, pé ilé yìí ń dá ṣiṣẹ́, à bá gbọ́ bí ìròyìn, à bá sì gbàgbé. Nítorí pé ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wa lákọ̀ọ́kọ́, àwa fúnra wa la ń retí ìṣísẹ̀ àwọn tó fẹ́ wá jẹ ẹ́.

Àmọ́ ọ̀nà yìí ní àléébù tirẹ̀, òjìji yẹn gan-an ló sì fi í hàn. Ilé ti 2026 ń dín ẹyin fúnra rẹ̀, eku onírin ń gbálẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ bàbá ilé ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ gé koríko, ìyá ń já òdòdó. Bradbury yí ẹ̀rọ padà, kò yí ìdílé padà. Ìṣe ojoojúmọ́ máa ń tú àṣírí òǹkọ̀wé, torí pé ohun tó bá mọ́ òun náà lára kì í rántí bi í léèrè. Ẹ tún padà sí òjò Bọ́sítìnì: ta ló ń na ìbòrí yẹn? Ẹni tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ ò rí i, torí náà àwa náà ò rí i.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí ìṣe nìkan ò lè sọ. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà ní Nàìjíríà, gbé ìwé Rosewater sí Nàìjíríà ti 2066, ní ìlú tó hù yí òrùlé ràbàtà àwọn àjèjì láti òfurufú ká. Kaaro, ẹni tó ń sọ ìtàn, ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní báǹkì. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ó jókòó, ó ń ka ìwé àtijọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa ni pé irú iṣẹ́ wo rèé. Ìgbà tí a ti bi ara wa tán ni Thompson wá dáhùn ní ṣókí: àwọn olè kan lè wọ inú ọkàn èèyàn láti jí àṣírí oníbàárà, ìwé kíkà yìí sì ni ariwo tó ń dí wọn lọ́nà. Àlàyé ni, ṣùgbọ́n ó dé lẹ́yìn ìbéèrè. Dókítà Leete máa ń dáhùn kó tó di pé ìbéèrè dùn wá.

Ohun tó sì tún wà nínú iṣẹ́ Kaaro ni pé iṣẹ́ oṣù ni. Ẹni tó ní ẹ̀bùn tó lè wọ inú ọkàn ẹlòmíì wá di ọlọ́dẹ báǹkì. Ẹ̀rọ tàbí agbára tuntun yòówù kó wọ ìlú, ẹnì kan á fi jẹun, ẹnì kan á fi jalè, wọ́n á sì gba ẹnì kan síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ọ. Dókítà Leete lè là á yé wa bí ìbòrí Bọ́sítìnì ṣe dára tó. Ẹni tó ń fi ọwọ́ nà án nígbà tí òjò bá ṣú la ò tíì rí ìtàn rẹ̀ kà.