Ìkànnì ọmọ-ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ ìkọ́ni

Ìkànnì ọmọ-ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ ìkọ́ni jẹ́ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ fi ń ta ẹ̀kọ́ fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń sanwó láti ìgbà dé ìgbà. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Èkíní ni àwọn ìpele tí iye owó wọn yàtọ̀ síra. Èkejì ni ẹ̀kọ́ tí ẹni tí kò sanwó kò lè ṣí. Ẹ̀kẹta ni ìgbowó ìgbàdégbà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba owó lórí káàdì báńkì ọmọ-ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tó yẹ, láìjẹ́ pé ó tún tẹ ohunkóhun.

Ní Nàìjíríà, Paystack wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ìgbowó yìí. Ṣọlá Akínladé àti Ezra Olúbí ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Èkó ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà á ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń fi Paystack àti WordPress gbé ìkànnì ọmọ-ẹgbẹ́ kalẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ aránṣọ kan tí a fojú inú wò ní Mowé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Owódé Ẹ̀gbá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní Mowé, Ìbafò àti Ifọ̀ ló ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó láàárọ̀ tí wọ́n sì ń padà lálẹ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè wò lórí fóònù ní alẹ́ ló bá ìgbésí ayé wọn mu.

## Àwọn ìpele àti iye owó

Ilé-ẹ̀kọ́ inú àpẹẹrẹ yìí ní ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní jẹ́ ₦2,000 lóṣù, ó sì wà fún ẹ̀kọ́ ìwọ̀n ara àti gígé aṣọ. Ìpele kejì jẹ́ ₦5,000 lóṣù. Ẹ̀kọ́ bùbá, ìró àti agbádá ni wọ́n fi kún un. Ìpele kẹta jẹ́ ₦50,000 lọ́dún. Gbogbo ẹ̀kọ́ ìpele kejì wà nínú rẹ̀, olùkọ́ sì tún máa ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò.

Owó iṣẹ́ tí Paystack ń yọ lórí ìsanwó abẹ́lé kó ipa nínú bí a ṣe ń to iye yìí. Ó ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń fi ₦100 kún un. Kì í gba ₦100 náà tí owó kò bá tó ₦2,500, àròpọ̀ ohun tó ń yọ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Nítorí náà, nínú ₦2,000 ìpele kìíní, ₦30 péré ni yóò yọ. Nínú ₦5,000, ₦175 ni. Ẹni tó bá san ₦5,000 fún oṣù méjìlá yóò mú kí ₦2,100 lọ sí owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó san ₦50,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń fa ₦850. Sísan lọ́dọọdún tún ní àǹfààní mìíràn: ẹ̀ẹ̀kan péré ni káàdì ní ànfàní láti kọ̀ láàárín ọdún, dípò ẹ̀ẹ̀méjìlá.

## Ìlẹ̀kùn ẹ̀kọ́

Lórí WordPress, a máa ń fi àfikún kan ṣe ìlẹ̀kùn náà. Paid Memberships Pro jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Lẹ́yìn tí a bá ti dá ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ nínú rẹ̀, àpótí kan tí a kọ `Require Membership` sí yóò hàn níbi tí a ti ń ṣàtúnṣe ojú-ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìpele tí a bá yàn níbẹ̀ nìkan ló lè ka ojú-ìwé náà.

Ojú-ìwé ni ìlẹ̀kùn yìí ń tì. Kì í sábà ti fídíò tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbé fídíò gígé agbádá sínú àpò `wp-content/uploads`, ẹnikẹ́ni tó bá rí àdírẹ́sì fídíò náà gan-an lè wò ó láìsanwó. Ọmọ-ẹgbẹ́ kan sì lè fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lórí WhatsApp. Láti mọ̀ bóyá ìlẹ̀kùn ń jò, a ó da àdírẹ́sì fídíò náà kọ, a ó sì ṣí i nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí a kò ti forúkọ wọlé. Bí ó bá ṣí, a ní láti gbé fídíò lọ sí ilé-iṣẹ́ ìpamọ́ fídíò tó lè dí i mọ́ ìkànnì kan ṣoṣo, tàbí èyí tó ń fúnni ní àdírẹ́sì tí ọjọ́ rẹ̀ ń pé.

Ọ̀nà jíjò kejì ni àfikún tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ìwé kí ìkànnì lè yára. Ó lè pa ẹ̀dà tí ọmọ-ẹgbẹ́ rí mọ́, kí ó sì gbé e fún àlejò. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò yàtọ̀: kí ọmọ-ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀kọ́ náà, kí a sì tún un ṣí nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá hàn, a gbọ́dọ̀ yọ àwọn ojú-ìwé ẹ̀kọ́ kúrò lára ohun tí àfikún náà ń tọ́jú.

## Ìgbowó ìgbàdégbà

Lọ́dọ̀ Paystack, a ní láti dá ètò ìsanwó kan sílẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ní orúkọ, iye owó àti àkókò. A lè dá a sílẹ̀ lórí ojú-ìwé ìṣàkóso wọn, tàbí kí a fi àṣẹ bí irú èyí ránṣẹ́ fún ìpele kejì:

```
curl https://api.paystack.co/plan \
  -H "Authorization: Bearer SECRET_KEY" \
  -H "Content-Type: application/json" \
  -d '{"name":"Ipele Keji","interval":"monthly","amount":500000}' \
  -X POST
```

Kọ́bọ̀ ni `amount` ń kà nínú àṣẹ yìí, kì í ṣe náírà. ₦5,000 jẹ́ 500,000 kọ́bọ̀. Ẹni tó bá kọ 5000 síbẹ̀ ti ta ẹ̀kọ́ oṣù kan ní ₦50.

Nígbà tí ọmọ-ẹgbẹ́ bá fi káàdì san owó àkọ́kọ́ lórí ètò yìí, Paystack yóò pa àmì àṣẹ káàdì náà mọ́, yóò sì máa fi í gba owó tó kàn. Ìkànnì fúnra rẹ̀ kì í rí nọ́ńbà káàdì. Ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí owó yóò máa bọ́ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 29 sí 31 yóò máa san ní ọjọ́ 28, torí pé kì í ṣe gbogbo oṣù ló ní ọjọ́ wọ̀nyẹn.

## Ìfilọ̀ ìsanwó

Paystack ló mọ̀ pé owó wọlé, WordPress ló di ìlẹ̀kùn mú. Ìfilọ̀ tó ń lọ láàárín wọn ló ń so wọ́n pọ̀. A máa ń kọ àdírẹ́sì tí ìfilọ̀ yóò máa wá sí sínú àpótí `Webhook URL` ní ojú-ìwé ìṣàkóso Paystack. Bí àpótí yìí bá ṣófo, owó yóò máa wọlé, ṣùgbọ́n ìkànnì kò ní gbọ́, yóò sì ti ẹni tó ti sanwó mọ́ta.

Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni ti lè fi ìfilọ̀ èké ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà, ìkànnì gbọ́dọ̀ yẹ àmì `x-paystack-signature` tó bá ìfilọ̀ wá wò kí ó tó gbà á gbọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ dáhùn pẹ̀lú `200 OK`. Bí kò bá dáhùn, Paystack yóò máa tún un fi ránṣẹ́ fún wákàtí 72. Fún ìdí èyí, ìfilọ̀ kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Ìkànnì tí kò bá fi nọ́ńbà ìsanwó dá wọn mọ̀ yóò fún ènìyàn ní oṣù méjì fún owó oṣù kan.

## Nígbà tí káàdì bá kọ̀

Alájọ tó dé ìsọ̀ tí kò bá ìyá olọ́jà níbẹ̀ yóò padà wá lọ́la. Ètò ìsanwó Paystack kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí káàdì bá kọ̀ ní ọjọ́ ìsanwó, bóyá nítorí pé owó kò sí níbẹ̀, pé ọjọ́ káàdì ti pé, tàbí pé báńkì kò gbà, kò ní tún un gbìyànjú títí di ọjọ́ ìsanwó tó kàn. Yóò fi ìfilọ̀ `invoice.payment_failed` ránṣẹ́, ipò àdéhùn náà yóò sì di `attention`. Ìkànnì tí kò bá ṣe ohunkóhun nípa ìfilọ̀ yìí yóò ṣe ọ̀kan nínú méjì: yóò kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù kan, tàbí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ṣì fẹ́ sanwó.

Ohun tó ń yanjú èyí ni pé kí ìkànnì kọ ọjọ́ tí owó ọmọ-ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé e dé sílẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì máa tẹ̀lé ọjọ́ náà. Ká sọ pé ọmọ-ẹgbẹ́ kan ní Ìbafò san ₦5,000 ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù. Owó rẹ̀ gbé e dé ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ, ìfilọ̀ `invoice.create` dé, torí pé ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìsanwó ni Paystack ń fi í ránṣẹ́. Ìkànnì wá fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi owó sí àkáǹtì rẹ̀. Ní ọjọ́ 10, káàdì kọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ márùn-ún ni ìdáríjì, nítorí náà ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ní ọjọ́ 13, obìnrin náà fi owó ránṣẹ́ láti báńkì rẹ̀. Olùkọ́ sún ọjọ́ rẹ̀ sí 10 oṣù Ògún, kì í ṣe 13. Ọjọ́ 10 ni Paystack yóò tún dán káàdì náà wò. Bí ọjọ́ méjèèjì kò bá bára mu, yóò san owó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti pé ọjọ́ kò lè fi ìdúró yanjú ọ̀rọ̀ náà. A máa ń fi àdírẹ́sì ìṣàkóso àdéhùn ránṣẹ́ sí i kí ó lè fi káàdì tuntun rọ́pò. Ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ gbọ́dọ̀ pa ètò Paystack tì, kí ó fi àmì àṣẹ káàdì gba owó fúnra rẹ̀ ní `transaction/charge_authorization`. Ìyẹn ń béèrè ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, torí àṣìṣe kan níbẹ̀ lè gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

## Ìjáde ọmọ-ẹgbẹ́

Nígbà tí ọmọ-ẹgbẹ́ bá dá ìsanwó dúró, ìfilọ̀ `subscription.not_renew` yóò dé lójú ẹsẹ̀, ipò àdéhùn yóò sì di `non-renewing`. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ilẹ̀kùn tì. Ó ti san owó oṣù náà, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ìfilọ̀ `subscription.disable`, tó ń dé ní ọjọ́ tí ìsanwó tó kàn ì bá wáyé, ni àmì ìparí.

Orúkọ, ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tí ìkànnì kó jọ wà lábẹ́ òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023. Òfin yìí fún ẹni tó ni dátà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a pa á rẹ́. Ṣáájú ìparẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí i dájú pé àdéhùn ìsanwó onítọ̀hún ti parí lọ́dọ̀ Paystack. Píparẹ́ orúkọ ènìyàn lórí WordPress kò dá ìgbowó dúró, owó yóò sì máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ kankan mọ́.