Ohun Ọ̀ṣọ́ Tó Jáde Nílé: Bí Adójútòfò Gbogbo Ewu Ṣe Dé Orí Kọ̀ǹpútà Inú Àpò Wa

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní Tańkẹ̀, ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ̀wé níbí fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Okùn àpò rẹ̀ há mọ́ irin ìjókòó, àpò já bọ́ sórí títì, ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sì fọ́. Ọkàn rẹ̀ kò kọ́kọ́ dàrú, nítorí ó mọ̀ pé bàbá òun ní ìwé adójútòfò lórí ilé wọn àti ẹrù inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ta ìwé náà fún un, èsì tó padà wá kò gùn rárá: ẹrù inú ilé ni àwọn gbà láti dójú òfò rẹ̀, kọ̀ǹpútà yìí kò sì sí nínú ilé nígbà tó fọ́.

Inú bí wa. Nígbà tí a wá jókòó ka ìwé àdéhùn náà tán, a rí i pé wọn kò parọ́. Abala kan wà lápá ẹ̀yìn fún ohun tí ènìyàn ń gbé jáde, wọ́n pè é ní "gbogbo ewu". Òfìfo ni abala náà. Bàbá kò kọ nǹkan kan sí i, kò sì san owó rẹ̀. Ohun tó mú wa wá ìtàn yìí lọ nìyẹn: ta ló kọ́kọ́ ya ẹrù inú ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù tó ń jáde? Kí sì ni "gbogbo" inú "gbogbo ewu" túmọ̀ sí gan-an?

Ara ilé ni adójútòfò ilé ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí iná ńlá jó Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1666 ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé tó ń dójú òfò iná. Ògiri ni wọ́n ń wò. Wọ́n á béèrè bóyá igi ni wọ́n fi kọ́ ilé tàbí bíríkì, àti irú òrùlé tó ní, wọ́n á sì fi ìyẹn dá iye owó. Ẹrù tó bá wà láàárín ògiri wọnú àdéhùn. Èyí tó bá jáde kò sí nínú ìṣirò wọn mọ́, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ ibi tó ń lọ. Fún nǹkan bí igba ọdún, ìyẹn kò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, nítorí pé àga, ibùsùn àti àpótí kì í rìn.

Ohun ọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ dá ìṣòro sílẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà ò wúlò bí kò bá jáde lọ sóde àríyá. Ọkùnrin tó wá ojútùú sí i ni Cuthbert Heath, tó ń ṣe iṣẹ́ adójútòfò ní ọjà Lloyd's ní Lọ́ńdọ̀nù. Etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Nígbà náà, ẹrù ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará Lloyd's fi ń ṣe oúnjẹ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1880, Heath gbà láti fi òfò olè kún ìwé adójútòfò iná. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè míì dé: bí ohun ọ̀ṣọ́ kò bá jóná tí olè kò sì jí i, tó kàn já bọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ó gbà á pẹ̀lú. Dípò kó to àwọn ewu tó gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó yí ìwé náà po: gbogbo ewu ló wọlé, àfi èyí tí ìwé bá dárúkọ pé òun yọ kúrò.

Ẹ wo ìyípadà yẹn dáadáa, nítorí òun ló ya ìwé méjèèjì sọ́tọ̀ títí di òní. Nínú ìwé ilé, ẹni tó pàdánù ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ewu tí wọ́n dárúkọ ló ṣẹlẹ̀ sí òun, bí iná tàbí olè tó fọ́lé. Nínú ìwé gbogbo ewu, bí ó bá ti fi hàn pé àgbákò ló dé bá ohun náà, ilé-iṣẹ́ ló kù tó máa fi hàn pé ohun tí àwọn yọ sílẹ̀ ló fà á.

Ní ọdún 1921, ẹjọ́ kan dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Gaunt ra irun àgùntàn láti Patagóníà, ní ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ní ìwé gbogbo ewu lórí rẹ̀ fún gbogbo ìrìn àjò. Nígbà tí irun náà dé, omi ti bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ wákàtí tí omi náà wọ̀ ọ́ tàbí bó ṣe wọ̀ ọ́. Àwọn adájọ́ dá Gaunt láre. Wọ́n ní kò di dandan kó sọ irú àgbákò tó ṣẹlẹ̀, bó bá ti hàn pé ohun tó bà á jẹ́ kì í ṣe ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ààlà sí i: ewu ni ìwé náà gbà, kò gba ohun tó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́ láti inú ara rẹ̀, tàbí tó gbó nítorí ìlò, kì í ṣe ewu.

Ọdún 1921 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Royal Exchange Assurance láti Gẹ̀ẹ́sì ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìlọrin láti ọdún 1908, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì ń fi í kó ọjà gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ọjà wọn àti ilé ìkẹ́rù wọn ni adójútòfò kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọ ilẹ̀ wa. Òfin ọdún 1945 tó sọ ọ́ di dandan fún ọlọ́kọ̀ láti dójú òfò ẹlòmíràn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fúnra wọn dá ilé-iṣẹ́ African Insurance sílẹ̀ ní 1958, irú ìwé tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ni iṣẹ́ ń lọ lé lórí: ìwé iná, ìwé olè, ìwé ilé, àti abala gbogbo ewu lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí ilé-ẹjọ́ wa jogún ló sì jẹ́ kí ẹjọ́ irun àgùntàn Gaunt ṣì ní ohun tó ń sọ fún onífóònù ní Ìlọrin.

Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2001, abala tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí wúrà di ibùgbé fóònù, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń rìn bíi wúrà, wọ́n sì rọrùn láti sọnù bíi wúrà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé wúrà kì í gbó, bátìrì sì máa ń gbó. Ibẹ̀ ni ààlà ọdún 1921 ti ń bá wa. Bí fóònù bá bọ́ sómi, ewu ni. Bí bátìrì rẹ̀ bá kàn wú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló gbó, owó kò ní jáde. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ fi máa ń béèrè ìwé láti ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe. Bí onítọ̀hún bá kàn kọ pé "kò ṣiṣẹ́ mọ́", ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún wọn láti sọ pé gbígbó ló gbó. Kó kọ ohun tó rí: igun kan wọnú, gíláàsì fọ́ láti ibẹ̀.

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Àwa náà gbọ́ "gbogbo", a rò pé kò ku ẹyọ kan. Àwọn ohun tí wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀ wà nínú ìwé kékeré lẹ́yìn: gbígbó, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ láti inú, ohun tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé, àti ohun tí a fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a kò tì. Bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà nínú ọkọ̀, wọ́n á wá àmì pé olè fi ipá wọlé, bíi gíláàsì tó fọ́. Bí kò bá sí àmì, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló kù, òun ló sì ń ká ènìyàn mọ́ jù. Ní ọdún kejì, bàbá ọ̀rẹ́ wa fẹ́ kọ kọ̀ǹpútà tuntun sí abala náà. Ó fẹ́ kọ 400,000 náírà tó rà á, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ti wọ́n sí 500,000 lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí àpẹẹrẹ. Ká ní owó ọdún kan jẹ́ náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún. Bó bá kọ 400,000, yóò san 12,000. Bó bá kọ 500,000, yóò san 15,000. Ó fi 3,000 pamọ́. Ká wá ní ojú rẹ̀ tún fọ́, àtúnṣe sì jẹ́ 75,000. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ní ìlà kan tó sọ pé bí iye tí a kọ bá kéré sí iye tó tọ́, ìdá tí a kọ nìkan ni wọ́n máa san. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló kọ, nítorí náà 75,000 di 60,000. Bí ìwé bá tún ní kí oníǹkan fara gbá ìdá kan nínú mẹ́wàá, 54,000 ló máa dé ọwọ́ rẹ̀. Ká ní ó kọ iye tó tọ́ ni, 67,500 ni ì bá gbà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó fi pamọ́ mú 13,500 lọ.

Òfin adójútòfò ọdún 2003 fi ohun méjì kún un tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní 2025. Èkíní ni pé láìsan owó ṣáájú, kò sí àdéhùn. Ìlérí pé "màá san lóṣù tó ń bọ̀" kò dójú òfò kankan. Èkejì ni pé bí aṣojú ilé-iṣẹ́ bá bá ọ kọ fọ́ọ̀mù, òfin kà á sí pé ìwọ lo rán an. Bó bá kọ àṣìṣe síbẹ̀, ọrùn rẹ ló wà.

Ìdí nìyẹn tí a fi pa ọ̀rẹ́ wa jókòó, tí a sì bá a kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra wa. A kọ orúkọ kọ̀ǹpútà, irú rẹ̀, nọ́mbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti 500,000. A kọ fóònù rẹ̀ ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́mbà tó jáde nígbà tó tẹ `*#06#`. A ya àwòrán méjèèjì pẹ̀lú rìsíìtì wọn, a sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, torí bí fóònù bá sọnù, àwòrán inú rẹ̀ náà ti lọ. Bàbá san owó lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ka fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì, ó wo abala tó ti wà lófìfo, ó ní, "Ẹ̀gbà ọrùn ìyá yín ńkọ́?" A fi ìlà kẹta kún un.