Ìmúra Òwúrọ̀ Ọyẹ́ ní Ìlọrin

Ọyẹ́ ni atẹ́gùn gbígbẹ tó ń fẹ́ wá láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ó sábà máa ń wọ Ìlọrin ní ìparí oṣù Kọkànlá, kì í sì í lọ tán títí di oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Bòdélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì ni púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ti ń wá, ibi tó jìn sí Ìlọrin ju 1,500 kìlómítà lọ. Adágún omi ńlá kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Omi náà ti gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, atẹ́gùn tó ń gba àárín òkè Tìbẹ́sítì àti Ẹ̀nẹ́dì sì ń gbé e dìde. Ohun tí ọyẹ́ ń gbé wá yìí ló yẹ kó pinnu bí a ṣe ń múra. Gbígbẹ àti eruku ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, òtútù ló tẹ̀lé e. Nítorí náà, ìmúra tó péye bẹ̀rẹ̀ láti ara awọ, kì í ṣe láti inú àpótí aṣọ.

Àwọn kan á ní òtútù ni gbogbo ènìyàn ń sá fún, pé súwẹ́tà tó nípọn ti tó. Òótọ́ ni pé òtútù ń mú ní ìdájí: ó lè wálẹ̀ kọjá 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, oòrùn lè gbé e kọjá 33. Aṣọ kan ṣoṣo kò lè bá ìdájí àti ọ̀sán bẹ́ẹ̀ mu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, súwẹ́tà kò lè dá omi tí atẹ́gùn gbígbẹ ń fà lára ojú, ètè àti ọwọ́ dúró, nítorí pé ìta ni wọ́n wà. Òógùn pàápàá ń gbẹ kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn, ìdí nìyí tí omi fi ń tán lára ẹni tí kò rò pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ọ̀rọ̀ awọ ara ló gba àlàyé jù ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ti ń jí ṣe àlùwàlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bu omi búútà sí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tó sì jẹ́ kí atẹ́gùn fa omi náà gbẹ, ara rẹ̀ á gbẹ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé omi tó ń fò lọ kì í dá lọ; ó ń mú ọ̀rinrin awọ dání. Bí ó bá sì fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná wẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rá tí ara fúnra rẹ̀ ń sun jáde á bá a lọ. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí a rọra fi aṣọ nu omi náà, kí ara má tíì gbẹ tán, kí a wá fi òrí tàbí fasilíìnì pa á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òrí kì í ṣe omi. Ìdènà ni, ọ̀rinrin tó bá lára ni ó ń sé mọ́bẹ̀. Bí a bá fi pa ara tó ti gbẹ pátá, kò ní ohun púpọ̀ láti sé. Àwọn tó ń sọ pé òrí ń jẹ́ kí eruku lẹ̀ mọ́ni kò parọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó tó ẹ̀wà kan, tí a fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ dáadáa, tó ojú àti ọrùn. Lẹ́yìn àlùwàlá ló dára jù láti pa á, nítorí pé òrí tó dì nípọn lórí awọ lè máà jẹ́ kí omi kan ara. Ọwọ́ tí a ń fọ̀ léraléra gba àtúnpa lọ́sàn-án, gìgísẹ̀ sì gba òrí àti ìbọ̀sẹ̀ lálẹ́ kó tó là.

Ètè kò ní ihò tí ọ̀rá ń gbà jáde bí ti awọ yòókù, ìdí nìyẹn tó fi ń yára bó. Fífi ahọ́n lá a ń tù ú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n itọ́ náà á gbẹ, ètè á sì tún là sí i. Òrí díẹ̀ kí a tó jáde àti lẹ́yìn oúnjẹ ló ń ṣiṣẹ́. Bí igun ẹnu bá là, tí kò sì jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà lè ti kọjá ọyẹ́. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn awọ ni aṣọ kàn. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin tó ń gun ọ̀kadà láti Tanke lọ sí Ọjà Ọba ní aago mẹ́fà àbọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ló yẹ kó kan ara rẹ̀, nítorí òwú ń fa òógùn mu. Búbá tó gùn lápá á bọ́ sórí rẹ̀, súwẹ́tà tó ṣeé ṣí níwájú á wá borí gbogbo rẹ̀. Ìbòrí rẹ̀ á bo etí àti ọrùn. Bí oòrùn bá gòkè, á bọ́ súwẹ́tà sínú àpò, kò sì ní làágùn sínú aṣọ tútù. Ọmọ ìkókó pàápàá kò nílò aṣọ márùn-ún: bí àyà rẹ̀ bá gbóná tó sì ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nítorí òtútù àti àìtó omi lára lè fa ìrora egungun wọn. Ọ̀pọ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé róbù láti mú àyà gbóná. Ìtura tí à ń gbọ́ níbẹ̀ wà ní ojú awọ. Kì í lé eruku kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. A kì í fi sínú ihò imú, a kì í sì í fi pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Ohun tó ń ṣọ́ àyà ni ohun tó bo imú. Láwàní tàbí ìbòrí òwú tí a ṣẹ́ po ń dá eruku tó tóbi dúró, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn tí à ń mí sínú ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku kan wà tí irun orí nípọn jù ní ìlọ́po 30. Èyí ń gba inú aṣọ kọjá. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ lo ìbomú tó lẹ̀ mọ́ ojú yíká, kí ó sì mú oògùn tó ń fà símú dání.

Ojú ló kẹ́yìn. Gíláàsì tó fẹ̀ tàbí akoto tó ní jígí iwájú ń dènà eruku fún ẹni tó wà lórí ọ̀kadà. Bí eruku bá wọlé, omi mímọ́ ni ká fi ṣan án, ká má fi ọwọ́ ra á. Àwọn kan gbà pé tìróò ń tu ojú lára lásìkò yìí, pé ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Pípẹ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di aláìléwu. Ní ọdún 2011, ní Bọ́sítìnnì lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tó wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń lé sí i lójú wò, ó ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ tó jẹ́ òjé. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ìmúra yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè wo àrùn tó ti wọlé. Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí ibà àti ọrùn gígan dé bá ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.